Ọ̀rọ̀, Orúkọ, àti Bíbélì Márùn-ún Màmá

Nígbà tí a sin Màmá tán, gbogbo ẹni tó wá kí wa ló ń sọ pé obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Mo ń dáhùn pé ẹ ṣé, nítorí a kì í bá ẹni tó wá kíni kú ìnáwó jiyàn. Ṣùgbọ́n màá sọ ọ́ níbí: irọ́ ni. Ìyá ìyá mi kì í ṣe jẹ́jẹ́. Ó lè fi ojú kan ṣoṣo mú kí alága ẹgbẹ́ akọrin fi ẹ̀pà jíjẹ sílẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bí mo ṣe lè sọ lọ, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní jẹ́ kí wọ́n fi ìwà ẹlòmíì sin ín.

Tíṣà ni, ó ti fẹ̀yìn tì kí wọ́n tó bí mi, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò fẹ̀yìn tì lára rẹ̀. Ní Èrìò, ìlú wa, òun ló ń kọ́ kíláàsì àwọn àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì láràárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Rúlà onígi kan wà tó máa ń mú lọ. Kì í fi na ẹnikẹ́ni, àwọn tó ń kọ́ ti lé ní àádọ́ta ọdún, ṣùgbọ́n bí ó bá fi gbá tábìlì, àwọn baba tó ní ọmọ-ọmọ á káwọ́ mọ́ra. Mo bi í léèrè lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tó fi ń mú rúlà lọ sílé Ọlọ́run. Ó ní, "Mosún, ẹlẹ́ran-ara ni wọ́n."

Lórí tábìlì rẹ̀ nínú ilé, Bíbélì márùn-ún ló wà. Ti Yorùbá àtijọ́, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já tí a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀. Ti Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tí wọ́n fún un nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Ti Yorùbá tuntun. Ti Gẹ̀ẹ́sì tuntun kan tí àlàyé kéékèèké wà lẹ́sẹ̀ ojú ewé rẹ̀. Ìkarùn-ún jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tó rọrùn, lẹ́tà rẹ̀ tóbi, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ní àwọ̀ ewé. Ẹ̀gbọ́n mi ló rà á fún un. Èyí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Màmá ṣí i. Ó fi gbé àtùpà rẹ̀ ga ni, nítorí ó ka ojú ewé kan, ó sì ní àwọn tó ṣe é kì í túmọ̀ ọ̀rọ̀, wọ́n ń túmọ̀ ohun tí wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ náà ń rò.

Kí ẹ lè mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe wọ̀ ọ́ lára tó, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Ìkògòsì. Mo kéré nígbà náà. A lọ wo ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, èmi, Màmá, àti àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, Bàbá Jóṣúà. Òyìnbó obìnrin kan wà níbẹ̀, ó kí Màmá tọ̀yàyà-tọ̀yàyà. Màmá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju àwa méjèèjì lọ, ṣùgbọ́n ó gbà pé bí èèyàn bá ti ń túmọ̀, kò gbọ́dọ̀ fi kún un, kò sì gbọ́dọ̀ yọ kúrò. Inú rẹ̀ dùn láti rí obìnrin náà. Ó wá sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, pé ikùn òun ń dùn. Òyìnbó náà wo ikùn rẹ̀, ó wo omi, ó sì fi ìtìjú béèrè bóyá omi náà ni wọ́n mu. Bàbá Jóṣúà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó fi orúkọ ìyá mi pe Màmá, ó ní, "Ìyá Dúpẹ́, ẹ sọ ọ̀rọ̀ fún un, ẹ ò sì sọ nǹkan kan fún un."

Bàbá Jóṣúà ní ẹnu láti fi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tirẹ̀ náà kì í ṣe kékeré. Nígbà tí ìdílé bàbá mi kọ́kọ́ wá tọrọ ìyá mi, Màmá kò tíì pinnu. Ó rán Jóṣúà sí wọn, ó ní, "Sọ fún wọn pé a ti gbọ́." Jóṣúà dé ibẹ̀, wọ́n fún un ní iyán, uyán tiwa, àti ẹran ìgbẹ́, ó jẹ ẹ́ tán, ó nu ẹnu, ó sì sọ fún wọn pé a ti gbà. Ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn èèyàn bàbá mi ti ń sọ iṣu kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Màmá fẹ́ ya bí aṣọ. Jóṣúà ní kí ló burú, ohun tí Màmá ní lọ́kàn ni òun sọ, òun kàn yọ èèpo rẹ̀ dànù ni. Bí èmi ṣe dé ayé nìyẹn, nípa ìtumọ̀ ẹni tí kò tẹ̀ lé ọ̀rọ̀. Màmá kò gbàgbé ẹ̀ títí. Ó máa ń sọ pé, "Ẹnu mi ni mo rán Jóṣúà, orí ara rẹ̀ ló gbé dé ibẹ̀."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá ara wọn ṣe, wọ́n sì fẹ́ràn ara wọn. Ìjà tó wá pín wọn níyà fún ọdún mọ́kànlá, àdúrà ló fà á.

Ẹ ní láti mọ bí Bàbá Jóṣúà ṣe ń gbàdúrà. Àgbẹ̀ ni, kòkó àti iṣu. Kì í tọrọ nǹkan púpọ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó kàn máa ń pe orúkọ rẹ̀ ni, àwọn orúkọ náà kò sì sí nínú ìwé kankan. Ọba tó ń se omi Ìkògòsì láìdáná. Ẹni tó gbé ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n sórí òkè tó sì di ọkọ̀ wa mú. Olóore tó fún ìgbín nílé nítorí ó mọ̀ pé kò ní tètè délé. Gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní èdè wa ló máa ń jẹ́, pẹ̀lú ulé rẹ̀ fún ilé àti uṣu rẹ̀ fún iṣu. Èmi ni mo ń tún un kọ sí Yorùbá ìwé níbí, kí Màmá foríjì mí. Àwọn èèyàn máa ń ṣe àmín, wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín, àwọn mìíràn máa ń sunkún. Àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ kíláàsì lè gba ìdajì wákàtí.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, ó kù díẹ̀ kí ìkórè, ẹ̀kọ́ pọ̀ nílẹ̀, Jóṣúà sì wà lórí orúkọ kẹtàdínlógún. Màmá ń kà á. Ó gbá tábìlì. Ó ní, "Jóṣúà, ó tó gẹ́ẹ́. Sáàmù kejìdínlógóje, ẹsẹ ìkejì: ó gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ga ju gbogbo orúkọ rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ la wá kà níbí. Orúkọ tí ò ń tò yìí, Ọlọ́run alára ti fi sábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Jókòó."

Jóṣúà kò jókòó. Ó la ojú. Ó ní ẹsẹ yẹn kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Màmá ṣí Bíbélì Yorùbá àtijọ́, ó kà á. Ó ṣí ti Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ó kà á, méjèèjì ṣe déédéé. Ó ní kí Jóṣúà fi èyí tó ní lọ́wọ́ hàn. Jóṣúà kò ní ìwé kankan lọ́wọ́, fìlà nìkan ló ní. Ó dé e, ó sì jáde. Láti ọjọ́ náà kò wá sí kíláàsì mọ́, kò wọ ilé Màmá mọ́, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́ pé ó gbàdúrà sókè níbì kankan. Àwọn ará kíláàsì kò bi Màmá léèrè. Wọ́n tilẹ̀ gba ẹ̀kọ́ náà: láti ìgbà yẹn, ẹni tó bá pe orúkọ Ọlọ́run ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ nínú àdúrà, wọ́n á wú ikọ́.

Ọdún mọ́kànlá! Bí wọ́n bá pàdé ní ìsìnkú, èmi ni wọ́n ń rán, bẹ́ẹ̀ àga kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn. "Mosún, sọ fún Ìyá Dúpẹ́ pé uṣu rẹ̀ ti wà lẹ́yìnkùlé." Nítorí kò dáwọ́ iṣu dúró; ọdọọdún ló ń gbé e wá, á sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́yìn ilé bí olè. "Mosún, sọ fún Jóṣúà pé mo rí i." Mo fi kún un lẹ́ẹ̀kan, mo ní Màmá ní kó ṣeun púpọ̀. Màmá yí sí mi lójú gbogbo èèyàn, ó ní, "Mo rí i ni mo sọ."

Ohun kan tún wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ, kí ẹ má baà rò pé agídí lásán ni. Lọ́dọọdún tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ kíláàsì, Màmá máa ń dìde ṣèlérí kan. Á ní, "Bí mo bá ṣì yín kọ́, ẹ fi hàn mí nínú ìwé, màá sì dúró níwájú ẹni tí mo ṣì kọ́, màá sọ ọ́." Wọ́n á pàtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó fi nǹkan kan hàn án rí. Orúkọ tó ní ní Èrìò, àti dé Aràmọkọ, ni pé Ìyá Tíṣà kì í ṣìnà nínú Ìwé. Àwọn àlùfáà tuntun máa ń bẹ̀rù àtiwàásù níwájú rẹ̀.

Nígbà tó kù bí ọdún kan kó lọ, ojú rẹ̀ ti bàìbàì. Mo wà nílé lákòókò ìsinmi ilé ẹ̀kọ́, èmi ni mò ń kàwé fún un láràárọ̀. Ọyẹ́ mú lọ́jọ́ náà, ilé ṣókùnkùn, lẹ́tà Bíbélì àtijọ́ sì ń sá lójú èmi náà. Mo gbé àtùpà kúrò lórí Bíbélì ẹlẹ́yìn ewé, mo ṣí i nítorí lẹ́tà rẹ̀ tóbi, mo sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún un bí mo ti ń kà lọ. Sáàmù kejìdínlógóje ni ètò kíkà bọ́ sí. Mo kà pé, ohun tí o ṣèlérí, o ti mú un ṣẹ kọjá gbogbo ohun tí a ti gbọ́ nípa rẹ.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Ó ti dìde jókòó.

"Ẹsẹ kejì ni, Màmá."

"Orúkọ ńkọ́? Orúkọ tó wà níbẹ̀, ta ló jí i?"

Mo ní èyí tí mò ń kà kò pè é lórúkọ, òkìkí ló pè é. Ó ní ìwé àtùpà nìyẹn, kí n gbé ojúlówó wá. Bí a ṣe tẹ́ Bíbélì márààrún sórí ibùsùn nìyẹn. Yorùbá àtijọ́ àti Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ fara mọ́ ọn: ọ̀rọ̀ ju orúkọ lọ. Ó mi orí. Yorùbá tuntun ní orúkọ rẹ àti ọ̀rọ̀ rẹ ni o gbé ga ju ohun gbogbo lọ. Ó dẹ́kun orí mímì. Gẹ̀ẹ́sì tuntun sọ bíi ti Yorùbá tuntun, ṣùgbọ́n lẹ́sẹ̀ ojú ewé, wọ́n fi lẹ́tà tíntìntín kọ ọ́ pé nínú Hébérù, "ju gbogbo orúkọ rẹ lọ" ló wà níbẹ̀. Ẹlẹ́yìn ewé ní ìlérí àti òkìkí. Ìwé márùn-ún, ẹnu mẹ́ta. Màmá ní kí n lọ pe Àlùfáà.

Ọmọ Ìjerò ni Àlùfáà wa, ó kọ́ èdè Hébérù nílé ẹ̀kọ́ wọn, ó sì fi ìbẹ̀rù jókòó. Ó fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní bí wọ́n ṣe tò ó nìyí: nítorí, o sọ di ńlá, lórí, gbogbo orúkọ rẹ, ọ̀rọ̀ rẹ. Ó tán. Ó ní "lórí" yẹn lè jẹ́ "ju," ó sì lè jẹ́ "ní àfikún sí." Ó ní irú ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ni ohun tí ẹnì kan fi ẹnu ara rẹ̀ sọ, wọ́n sì máa ń fi pe ìlérí. Ó ní orúkọ lọ́dọ̀ wọn kì í ṣe ohun tí a ń pe èèyàn nìkan, ó tún jẹ́ ohun tí aráyé mọ̀ ọ́n mọ́. Ó ní àwọn tó ní "orúkọ àti ọ̀rọ̀" fi "àti" kún un ni, nítorí wọ́n rò pé àwọn adàwékọ ti ṣì í kọ láyé àtijọ́.

"Èwo ló wá tọ̀nà?" Màmá béèrè.

"Màmá, àwọn ọ̀mọ̀wé kò tíì fẹnu kò."

"Mi ò bi ọ̀mọ̀wé. Ìwọ ni mo bi."

Ó gbọ́n, ó lọ sórí iṣu. Ó ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀ ń gbé iṣu tútù fúnni, teèpo-teèpo: gbogbo rẹ̀ lo rí, ṣùgbọ́n ìwọ lo máa sè é, o sì lè sè é jóná. Ìtumọ̀ èrò sí èrò ń gbé uyán fúnni: ó rọrùn láti gbé mì, ṣùgbọ́n ẹni tó gún un ti bá ọ yan iṣu, o ò sì lè mọ èyí tó jù nù. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ á gbé méjèèjì síwájú, á sì wo ohun tó yí ẹsẹ náà ká. Ó wá kà á láti òkè: èmi ó máa yin orúkọ rẹ, nítorí àánú rẹ àti òtítọ́ rẹ. Ẹsẹ kejì yìí kan náà ni. Ẹsẹ kẹta sì ní, lọ́jọ́ tí mo ké pè ọ́, o dá mi lóhùn. Ó ní ẹni tí Ọlọ́run gbà ló ń dúpẹ́. Ó gbọ́ òkìkí, ó rí i pé ohun tí Ọlọ́run ṣe kọjá òkìkí. Ó ní bí òun ṣe rí i nìyẹn, àmọ́ òun kò búra.

Àlùfáà rí i pé ojú Màmá yí padà, àánú sì ṣe é. Ó ní, "Màmá, ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, ẹ ò ṣì í kà o. Ohun tí ẹ kà náà ló wà nínú Hébérù. Ẹnikẹ́ni ò lè dá yín lẹ́bi."

Ilẹ̀kùn ńlá nìyẹn, ó ṣí i sílẹ̀ gbayawu fún un. Èmi ìbá gba ibẹ̀ sáré.

Màmá ní, "Mi ò ṣì í kà. Mo ṣì í lò. Ìdajì ẹsẹ ni mo fi lu ọmọ ìyá mi, ìdajì tó kù ń yin orúkọ, mi ò sì kà á fún un."

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń bá Bíbélì ẹlẹ́yìn ewé jà pé kò tètè sọ̀rọ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n lọ pe Bàbá Jóṣúà wá sílé, kí wọ́n yanjú ẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́. Ó bi mí bóyá ní bòókẹ́lẹ́ ló ti gbá tábìlì.

Nígbà tí ọjọ́ Ìsinmi pé, ó wọ kíláàsì, ó di ọwọ́ mi mú. Ó fi rúlà sílẹ̀ lórí tábìlì. Ó ní ẹ̀kọ́ òní kì í ṣe níbí, ẹni tí òun ṣì kọ́ kò sí níbí, kí gbogbo wọn dìde. Bí àwọn àgbà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ṣe tò tẹ̀ lé e nìyẹn, pẹ̀lú ọ̀pá àti Bíbélì, ní ojú ọ̀nà Èrìò láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Àwọn tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn dúró. Ọlọ́kadà kan bi mí pé ta ló kú.

Bàbá Jóṣúà wà lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀, ó fẹ́ wọ bàtà. Ó rí wọn, ó sọ bàtà kan nù. Ó ní, "Mosún, bi Ìyá Dúpẹ́ pé kí ló dé."

"Má rán an," Màmá ní. "Èmi ni mò ń bá ọ sọ̀rọ̀. Jóṣúà, ẹsẹ tí mo kà fún ọ, ó ṣòro ju bí mo ṣe kọ́ ọ lọ. Mo ka ìdajì rẹ̀. Mo fi dá àdúrà rẹ dúró. Kò ní kí n dá a dúró. Mo ṣì ọ́ kọ́, mo sì ṣi àwọn wọ̀nyí kọ́, ẹ wá gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Dárí jì mí, àbúrò mi."

Ẹnikẹ́ni kò wú ikọ́. Bàbá Jóṣúà wò ó, ó wo gbogbo wa, omi sì bọ́ lójú rẹ̀ wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́. Ó ní, "Ìyá Dúpẹ́, ẹ wọlé kẹ́ ẹ jókòó, ẹ̀yin àti ẹsẹ̀ tó ń dùn yín yìí." Màmá wọlé. Wọ́n jókòó pọ̀ sórí ibùsùn, kò sí àga láàárín wọn. Bàbá Jóṣúà gbàdúrà fún un. Mo gbìyànjú láti ka iye orúkọ tó pè, mo sọnù lójú ọ̀nà. Ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ láìsí wa.

Bí a ṣe ń bọ̀, Ìyá Ìjọ sún mọ́ Màmá. Obìnrin rere ni, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ nítòótọ́. Ó ní ó dára, ó dára, ṣùgbọ́n kí ló dé tí wọn ò ṣe é nínú ilé? Ó ní títí dé Aràmọkọ ni wọ́n máa gbọ́ pé Ìyá Tíṣà ṣìnà. Ó ní orúkọ tí Màmá fi ogójì ọdún kọ́, ó ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ wó o ní ojú ọ̀nà.

Màmá kò dẹsẹ̀ dúró. Ó di apá mi mú ṣinṣin, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, inú rẹ̀ sì dùn gan-an.

Ó ní, "Mo ti fi ẹnu mi sọ ọ́ fún yín lọ́dọọdún pé màá ṣe é. Orúkọ mi mọ ulé mi. Bó bá fẹ́, kó wá bá mi níbẹ̀."